Kó Ṣáà Wálé

"Áńtí Afeezat, ṣé ọkọ obìnrin yẹn padà dé láti ibi iṣẹ́?"

Àwọn tó ń ka ìtàn Afeezat lórí Wásáàpù ò jẹ́ kó sinmi. Ó ti kọ ìyókù fún wọn, ìparí ló kù.

Afeezat kọ ọ́ pé ọkọ délé, wọ́n jẹun, ó parí. Òun gan-an ò gbà á gbọ́. Ó pa á rẹ́.

Ó kọ ọ́ pé ẹnìkan kan ilẹ̀kùn, kí kálukú máa ro ẹni tó jẹ́. Àyà rẹ̀ ò gbà á.

Ó kọ ọ́ pé ọkọ délé, àmọ́ ẹ̀rọ ti gé ọwọ́ rẹ̀ kan. Ó fi ránṣẹ́.

"Áńtí, ìkà ni yín o!"

Níwájú rẹ̀, géètì iléeṣẹ́ irin tó gbiná láàárọ̀ ní Sango ṣí, ọkùnrin kan yọjú.

"Ìyàwó Àmọ̀dá dà?"

Afeezat dìde. "Olúwa mi, gba ọwọ́ náà. Kó ṣáà wálé."