Gíláàsì Tó Sán

Ní ọ̀sẹ̀ tí ìdíje géèmù orí fóònù máa wáyé, atúnfóònù-ṣe gba fóònù akẹ́kọ̀ọ́ kan, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún, ó sì pòṣé. Gíláàsì rẹ̀ ti sán láti igun òkè lápá ọ̀tún wá sí àárín, ibẹ̀ ló ti pín sí méjì bí ẹ̀ka igi.

“Iná inú ẹ̀ ti ń ṣẹ́jú,” ni ó wí. “Ó lè ṣókùnkùn nígbàkigbà. Ẹ jẹ́ n pààrọ̀ gbogbo ojú ẹ̀. Mo ní àlòkù kan nílẹ̀ tó dán dáadáa.”

Akẹ́kọ̀ọ́ náà gba fóònù rẹ̀ padà, ó sì fi àtàǹpàkò tọ ìlà ibi tó sán náà títí dé ibi tó ti pín.

“Bó ṣe wà yẹn ni kó wà, ẹ jọ̀ọ́. Ihò okùn ẹ̀rọ etí nìkan ni kẹ́ ẹ bá mi nù.”

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, aránṣọ tí wọ́n jọ wá, gbé èjìká. “Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú, bọ̀ọ̀dá. Ọ̀rọ̀ ẹ̀ labẹ gé.”

Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n yìí ló ti ń fi géèmù náà dánra wò, lórí àpótí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ maṣíìnì. Géèmù ìjà ni, ẹni méjì, ìpele mẹ́ta. Òsì ni wọ́n ti ń darí ajà, ìyẹn oníjà inú géèmù. Ẹ̀ṣẹ́, ìtapá àti ààbò wà lápá ọ̀tún. Ojú ibi tí ìlà náà ti pín gan-an kì í gbọ́ ọ̀rọ̀, bí èèyàn tẹ̀ ẹ́ títí dọ̀la. Nítorí náà, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ti wọ inú ètò géèmù, wọ́n sì tún bọ́tìnnì tò: ẹ̀ṣẹ́ sókè ìlà, ìtapá sísàlẹ̀ rẹ̀, ààbò sáàárín ẹ̀ka méjèèjì.

Wọn kì í fi fóònù náà sórí iná nígbà eré, torí ṣájà olówó pọ́ọ́kú a máa mú kí ojú fóònù máa tẹ ara rẹ̀. Wọ́n dín ẹwà àwòrán kù, torí bí ó bá gbóná, géèmù á máa wọ́ bí ìgbín. Ẹ̀rọ etí olókùn ló ń lò. Èyí tí kò ní okùn máa ń pẹ́ díẹ̀ kí ohùn tó dé, díẹ̀ yẹn sì tó kí wọ́n ti lu èèyàn bolẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìdíje, iná lọ. Aránṣọ ń wá tọ́ọ̀ṣì kiri, ó fẹsẹ̀ kọ àga. Akẹ́kọ̀ọ́ náà ń bá ìjà rẹ̀ lọ.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rù ń bà mí.”

“Ẹ̀rù kí ni?”

“Ariwo. Wọ́n ní èrò máa ń kún gbọ̀ngàn yẹn. Tí ẹ̀rọ etí kan bá tún kú mọ́ mi lọ́wọ́, mo gbé.”

“Ìwọ ṣáà jókòó. Èmi tí mo máa dúró lẹ́yìn ẹ, ta ló máa di èmi mú?”

Akẹ́kọ̀ọ́ náà kò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti bẹ olùkọ́ tó ń darí ẹgbẹ́ géèmù ilé ẹ̀kọ́ wọn kó gba òun, ẹ̀ẹ̀mejì náà ni olùkọ́ sì ti ní kò ṣeé ṣe. Ìdíje yìí nìkan ló kù. Bí ó bá borí, olùkọ́ ti ṣèlérí pé òun yóò gbà á. Bí kò bá borí, kó má tún dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ó di apá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú wọ gbọ̀ngàn bí ọmọ tó ń lọ gba abẹ́rẹ́. Wọ́n tètè dé, kí èrò tó pé. Ẹ̀gbọ́n pa ìpè fóònù, ó so ó mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì gbọ̀ngàn, ó sì nu òógùn ọwọ́ rẹ̀ fún un. Rẹfirí ka òfin: fóònù tó bá já kúrò lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti fìdí rẹmi.

Ó borí títí ó fi kan àṣekágbá. Ẹni tó kàn án ni ọmọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Ìjì, tó gba ipò kìíní lọ́dún tó kọjá. Ohun tó ń lọ lójú fóònù Ìjì ni wọ́n gbé sára ògiri fún èrò.

Ní ìpele àkọ́kọ́, ẹ̀rọ etí òsì kú. Akẹ́kọ̀ọ́ náà ń ṣi bọ́tìnnì tẹ̀, Ìjì sì nà án bí ẹni ń na aṣọ. Ó yí okùn nínú ihò, ó tún un yí, ohùn padà. Ó gba ìpele kejì.

Ìpele kẹta ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni fóònù rẹ̀ ṣẹ́jú, ó sì ṣókùnkùn pátápátá. Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ figbe ta. Ẹ̀gbọ́n yíjú sí rẹfirí. Rẹfirí yẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀ wò: fóònù náà ṣì wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

“Ẹ máa bá a lọ,” ni ó wí.

Lára ògiri, ajà akẹ́kọ̀ọ́ náà kò dúró rárá. Ìjì gbójú sókè wo fóònù tó ṣú náà, ó rẹ́rìn-ín, ó sì sáré wọlé láti fi ìtapá ńlá parí ìjà. Ajà tó bá fẹ́ ta ìtapá yẹn máa ń mí sínú kó tó fò. Àtàǹpàkò akẹ́kọ̀ọ́ náà bọ́ sáàárín ẹ̀ka méjèèjì, ó dí i, ó gun òkè ìlà, ẹ̀ṣẹ́ kan, ẹ̀ṣẹ́ kejì. Ajà Ìjì wó lulẹ̀.

Olùkọ́, tó ti wà láàárín èrò láti ìbẹ̀rẹ̀, kò dúró kí ariwo rọlẹ̀. “Lọ́jọ́ Ajé, wá bá ẹgbẹ́,” ni ó wí.

Rẹfirí sún mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ náà. “Láti ìgbà tí ìpele kẹta ti bẹ̀rẹ̀ ni fóònù ẹ ti ṣú bí ìdí ìkòkò. Báwo lo ṣe ṣe é?”

“Ó ṣú kẹ̀?” ni akẹ́kọ̀ọ́ náà bèèrè, ó yí ojú tí kò ríran rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i síbi tí ohùn náà ti wá, ó sì ń fọwọ́ wá ọ̀pá funfun rẹ̀ lábẹ́ àga.