Ẹ̀bẹ̀ Oyèkànmí ní Ilé Àtúngbọ́

Ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ajé, Mosúnmọ́lá a jókòó ní Ilé Àtúngbọ́, níbi tí òfin ti ní kí wọ́n tún ìjẹ́wọ́ ẹlẹ́wọ̀n gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ̀rọ tó ń kọ ohùn náà jáde a sì fi àwọ̀ pupa kun ọ̀rọ̀ tí ọlọ́pàá bá kọ́kọ́ fi sí afurasí lẹ́nu.

Lọ́jọ́ yìí, ohùn Oyèkànmí tí ọlọ́pàá gbà sílẹ̀ nígbà náà ló ń gbọ́, ẹni tó ti lo ọdún mọ́kàndínlógún lẹ́wọ̀n nítorí ìpànìyàn. Ìyá rẹ̀ jókòó ti Mosúnmọ́lá.

"Ojú fèrèsé lo gbà wọlé, àbí?" Wákàtí kẹrìnlá tí ọlọ́pàá ti ń bi í nìyẹn.

"Ẹ má bínú, sà. Ojú fèrèsé ni. Mo jẹ̀bi, ẹ jọ̀ọ́."

Ọ̀rọ̀ náà, "fèrèsé", pọ́n wẹ̀ẹ̀ lójú ẹ̀rọ.

"Èmi ni mo kọ́ ọmọ mi bẹ́ẹ̀," ni ìyá náà wí. "Mo ní bí àgbà bá ń bínú, kó dọ̀bálẹ̀ kó bẹ̀bẹ̀, bí kò tilẹ̀ jẹ́ òun ló ṣẹ̀."

"Ẹ̀kọ́ yín dára, Màmá. Àwọn tó pè é ní ìjẹ́wọ́ ló ṣìnà."

Mosúnmọ́lá fi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ara gíláàsì fèrèsé náà kún un, ẹ̀jẹ̀ tí kì í ṣe ti Oyèkànmí, àti ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí tó jẹ́ pé àwòrán Oyèkànmí nìkan ṣoṣo ni wọ́n fi hàn án. Ó fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, tó ní àṣẹ láti dá a sílẹ̀.

Ohùn náà ṣì ń bẹ̀. Ìyá náà gbé ọwọ́ lé ẹ̀rọ, bí ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

"Ó tó, Àkànmú mi. Má bẹ̀ wọ́n mọ́. A ti gbọ́."