"Olè, o jíire?"

Bí ọ̀rẹ́ mi ṣe máa ń kí mi láràárọ̀ nìyẹn, ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà wa.

Èmi náà á fèsì pé, "Olè ló mọ ẹsẹ̀ olè tọ̀ lórí àpáta." A ó rẹ́rìn-ín, a ó sì bọ ara wa lọ́wọ́.

Lónìí, ọ̀gá wa dúró tì mí, ojú rẹ̀ le koko. Oníbàárà méjì jókòó.

Ọ̀rẹ́ mi wọlé, kò tilẹ̀ kí ọ̀gá.

"Olè, ẹ̀rọ ìgégi ọ̀gá dà? Gbé e jáde o."

Àwọn oníbàárà fa báàgì wọn mọ́ra.

Mo yíjú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

"Kí ló dé? Àwàdà ti wá di ìjà?"

"Àárín àwa méjì làwàdà yẹn mọ. O pè mí lólè lójú ọ̀gá àti oníbàárà."

"Ṣebí orúkọ ẹ ni. Dá mi lóhùn jàre."

Mo wo ọ̀gá.

Èmi ni mo ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ yìí tí mo rí i pé ẹ̀rọ ìgégi ti lọ. Ọ̀gá nìkan ni mo sọ fún. Kò sí ẹlòmíì tó gbọ́.

Ọ̀gá rọra ti ilẹ̀kùn.

Mo wá dá ọ̀rẹ́ mi lóhùn bó ṣe fẹ́.

"Olè ló mọ ẹsẹ̀ olè tọ̀ lórí àpáta."