Ẹ Gbé Ọkọ́ Sílẹ̀

Sọ̀fíyàt kórìíra kí èèyàn máa tutọ́ níbi iṣẹ́, Afeez sì ń tutọ́. Obì ló ń jẹ láti àárọ̀. Ó jókòó pa sínú yàrá tí wọ́n ti ń gba ohùn sílẹ̀ ní iléeṣẹ́ rédíò àdúgbò tó wà nísàlẹ̀ òkè Mápó, ó ń tu itọ́ pupa sínú ife tí wọ́n fi ń mumi. Yàrá náà kò ní fèrèsé. Wọ́n ti fi tìmùtìmù bo ògiri kí ohùn má baà máa dún padà, òórùn obì àti ti òógùn sì ti wọ inú tìmùtìmù náà lọ.

Ṣùgbọ́n Afeez ló gbọ́ bùkátà orin náà. Ọkọ̀ akẹ́rù ló fi ń kó oúnjẹ láti oko wá sí ìlú, ó ní òun náà fẹ́ ṣe àwọn àgbẹ̀ lóore. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Oyin tí Sọ̀fíyàt ń wá kò ju ilẹ̀ bàbá rẹ̀ lọ. Bàbá Màmúdù fi agboolé wọn ní Àrẹ̀mọ sílẹ̀ lọ sí abà, iṣu ló ń gbìn. Lọ́dún tó kọjá, olè kó ìdajì iṣu rẹ̀ lóru. Ó ní bí ó bá tún ṣẹlẹ̀ lọ́dún yìí, òun á ta ilẹ̀ náà, ilẹ̀ tó jẹ́ ti baba ńlá wọn. Láti ìgbà náà ni àwọn ọdẹ ti ń ṣọ́ abà náà lóru. Sọ̀fíyàt, tó ń kọ wákà níbi ìkómọ, wá bẹ ilé rédíò kí wọ́n máa ṣe ètò àgbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí bàbá òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lè mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú iṣu àti iye tó ń lọ lọ́jà. Wọ́n gbà. Wọ́n ní kó kọ orin ètò náà.

Orin àkọ́kọ́ kò dára. Ohùn orin náà tẹ́ pẹrẹsẹ níbi tó yẹ kó ti gòkè, ọkọ́ àgbẹ̀ wá di ọkọ ilé. Ọlámilékan, tó ń bójú tó ẹ̀rọ, rẹ́rìn-ín títí.

"Àǹtí Sọ̀fí, ṣé kí àwọn ìyàwó gbé ọkọ wọn sílẹ̀ ni?"

Sọ̀fíyàt tún un ṣe, ó jẹ́ kí orin máa tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀:

Àgbẹ̀ dé, àgbẹ̀ dé o,
*Ẹ gbé ọkọ́ sílẹ̀.*
Ọ̀rọ̀ oko la fẹ́ sọ,
*Ẹ gbé ọkọ́ sílẹ̀.*

Agogo àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ló gbè é. Ọlámilékan fa orin náà wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi rọra ń dún lábẹ́, kí atọ́kùn ètò lè máa sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ ẹnu tó tẹ̀ lé e ńkọ́?" Afeez bèèrè. Ó fi pákò họ eyín, ó nu ún mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì. Sọ̀fíyàt gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Orúkọ ètò, ọjọ́, àkókò àti ilé rédíò. Ìyẹn náà ti tó, bọ̀ọ̀dá. Tó bá gùn jù, wọn ò ní rántí."

"Fi kún un kí wọ́n jọ péjọ sílé baálẹ̀. Ìwọ ni kó o sọ ọ́. Ọmọ abà ni ẹ́, wọ́n á gbà ẹ́ gbọ́. Kí agogo dákẹ́ tó o bá ń sọ ọ́, fóònù kékeré ni wọ́n fi ń gbọ́."

Ó bí Sọ̀fíyàt nínú pé òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Alẹ́ ni ilé rédíò kọ́kọ́ fẹ́ máa ṣe ètò náà. Afeez ní oorun á ti gbé àgbẹ̀ lọ nígbà náà, ó ní kí wọ́n ṣe é láàárọ̀. Ó tún ní kí wọ́n lu orin náà látòkè délẹ̀ níparí ètò, kí ẹnikẹ́ni má dìde kí ó tó tán. Wọ́n gbà fún un. Sọ̀fíyàt wọ inú yàrá, ó fi aṣọ nu itọ́ ọkùnrin náà kúrò lára gbohùngbohùn. Ó wá sọ ọ́:

"Ìkórè Ayọ̀! Gbogbo Sátidé, agogo mẹ́wàá àárọ̀, lórí rédíò àdúgbò wa. Àgbẹ̀, pe aládùúgbò rẹ, ẹ péjọ sílé baálẹ̀, ẹ jọ gbọ́ ọ."

"Ó tó," ni Afeez wí. Ó tún tutọ́.

Sátidé àkọ́kọ́, Sọ̀fíyàt lọ gbọ́ ọ lábà. Tọkùnrin tobìnrin ló péjọ sílé baálẹ̀, àwọn ọdẹ tí kò tíì sùn náà wá. Bí orin ti bẹ̀rẹ̀, gbogbo wọn ló gbè é. Nígbà tí ohùn Sọ̀fíyàt jáde nínú rédíò, Bàbá Màmúdù fọwọ́ kan èjìká rẹ̀.

"Ọmọ mi rèé," ló wí fún wọn.

Ojú ti Sọ̀fíyàt. Ó rò ó pé ìríra òun fún Afeez ti pọ̀ jù. Ẹlẹ́gbin ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ mọ́.

Atọ́kùn sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń to iṣu kó má baà jẹrà. Wọ́n lu orin ìparí látòkè délẹ̀. Kò sẹ́ni tó dìde. Lẹ́yìn náà ni bàbá rẹ̀ ní kó wá wo iṣu tí òun ti wa jọ sínú oko, tí òun fi imọ̀ ọ̀pẹ bò, tó kù kí òun wá ọkọ̀ tó máa kó o.

Imọ̀ ọ̀pẹ nìkan ni wọ́n bá nílẹ̀, itọ́ obì sì pupa lórí rẹ̀, kò tíì gbẹ.