Agogo Méjìlá Ni Wọ́n Ń Jáde Lónìí

Káfíńtà ń fá pákó lọ́wọ́ nígbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ ìyàwó rẹ̀ wọlé.

"Olówó orí mi, iléèwé ṣẹ̀ṣẹ̀ ránṣẹ́ sí fóònù mi. Agogo méjìlá ni wọ́n ń jáde lónìí, kì í ṣe méjì mọ́. Aṣọ oníbàárà ṣì wà lórí ẹ̀rọ mi, ẹ bá mi lọ mú ọmọ wa. Káàdì tí wọ́n fi ń gba ọmọ wà lára ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Èmi á se ìrẹsì alẹ́."

"Mo ti ń lọ."

Ó sáré délé, ó já káàdì, ó di iléèwé.

Àwọn ọmọ ń tú jáde. Ó ń na ọrùn, ó ń wá báàgì pupa ọmọ rẹ̀.

Tíṣà ẹnu géètì gba káàdì, ó wo orúkọ ọmọ tó wà níbẹ̀, ló bá kúnlẹ̀ gbì.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. A gbàgbé láti yọ nọ́ńbà Mọ́mì kúrò lára àwọn òbí tí à ń ránṣẹ́ sí."

Ìgbà yẹn ló tó rántí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tó ti fọwọ́ ara rẹ̀ kan pósí kékeré tí wọ́n fi sin ọmọ náà.

Ó tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí ìyàwó rẹ̀:

"Má wulẹ̀ dáná mọ́. Mà á ra oúnjẹ bọ̀. Oúnjẹ èèyàn méjì."